Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Oòrùn Alásàrí Kò Lè Wọ̀

Ìyá mi ní àga kan tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sí. Àga onígi ni, apá rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ tó ti gbà láti ọdún wá. Nígbà tí mo kọ́lé tán sí Ìlọrin tí mo lọ mú ìyá mi wá láti Ìgbàjà, àga yẹn nìkan ni nínú gbogbo ẹrù rẹ̀ tó ní ká rọra gbé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ló ní ká gbé e sí. Ó jókòó, ó wo títì, ó ṣàdúrà fún mi.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mi ò bá àga lọ́dẹ̀dẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò aládùúgbò wa ni mo ti rí i, ìyá mi wà lórí rẹ̀, ó ń já ewédú.

Mo ní, "Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò jókòó sílé?"

Ó ní, "Ilé wo? Ibi tí o kọ́ yẹn, oòrùn ló ń gbé ibẹ̀. Tó bá di Alásàrí, òun á jókòó, èmi á dìde."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun, nítorí òótọ́ ni. Ìwọ̀ oòrùn ni ojú ilé mi kọ sí, torí pé ibẹ̀ ni títì wà. Ẹni tó ya àwòrán ilé fún mi fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí iwájú, ó fi òpó mẹ́rin tó rẹwà dá a dúró, ó sì gbé òrùlé rẹ̀ ga kí ilé lè níyì lójú ẹni tó ń kọjá. Mo wo àwòrán náà, mo ní ó dára. Mi ò béèrè pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, níbo ni oòrùn máa dé lára ògiri. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ bi í.

Nígbà tí a lọ sí Ìgbàjà fún ìnáwó kan, mo mú téèpù dání. Mo fẹ́ mọ ohun tí ilé bàbá bàbá mi ní tí tèmi kò ní. Ilé alámọ̀ ni. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi páànù rọ́pò rẹ̀. Ojú òun náà kọ sí ìwọ̀ oòrùn gan-an bíi tèmi, síbẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni gbogbo wa dàgbà sí. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń ta ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà tọkọtaya, ibẹ̀ ni àwa ọmọdé ti ń sùn lọ́sàn-án bí a bá ti oko dé. Tí àlejò bá dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń mu omi. Ẹni tí wọ́n bá mú wọ inú ilé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kúrò ní ti àlejò.

Mo wọn ún láti ara ògiri dé etí òrùlé: ẹsẹ̀ bàtà méje. Mo ti rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, pé yóò fẹ̀ ju tèmi lọ. Ohun tí mi ò rò ni gíga etí òrùlé náà. Láti ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ààbọ̀ péré ni. Ìgbà náà ni mo rántí pé gbogbo àgbàlagbà tó bá ń wọ ilé yẹn ló máa ń tẹrí ba bó bá ti ń gun pèpéle. Láti kékeré ni mo ti rò pé ìkíni ni. Ìkíni wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí òrùlé ló ń tẹ orí wọn ba.

Bí oòrùn ṣe ń wọ abẹ́ òrùlé kò le láti mọ̀, ẹni tó bá sì ń kírun ní Ìlọrin ti mọ ìdajì rẹ̀. Ìgbà tí àsìkò Alásàrí ń wọlé ni ìgbà tí òjìji nǹkan bá gùn tó nǹkan náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ òjìji tó ní ní ọ̀sán gangan kúrò. Níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró sí àárín orí wa gan-an lọ́sàn-án, tí òpó tó dúró ṣánṣán kò ní ní òjìji rárá: nǹkan bí àárín oṣù kẹrin, àti òpin oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí Alásàrí bá wọlé, igi ẹsẹ̀ bàtà kan yóò ní òjìji ẹsẹ̀ bàtà kan géérégé. Aago mẹ́rin ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, torí pé níbí, oòrùn kì í dé àárín ọ̀run ní aago méjìlá. Aago kan ku ogún ìṣẹ́jú ló sábà máa ń di ọ̀sán gangan ní Ìlọrin, nítorí aago tí à ń lò jẹ́ ti ibi tó wà ní ìlà oòrùn sí wa.

Mú ìmọ̀ yẹn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí òjìji igi bá gùn tó igi, a jẹ́ pé bí ìtànṣán oòrùn ṣe ń wọlé ní ẹsẹ̀ bàtà kan, bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Nítorí náà, lára ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ibòji etí òrùlé yóò sọ̀kalẹ̀ ní iye tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi jìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tèmi jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, etí òrùlé rẹ̀ sì ga ní mẹ́sàn-án. Yọ mẹ́rin kúrò nínú mẹ́sàn-án, ó ku márùn-ún. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé nígbà tí Alásàrí bá wọlé, oòrùn ti gun ògiri mi dé ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún láti ilẹ̀. Fèrèsé pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó parí ní méje. Ìdajì rẹ̀ ti wà nínú oòrùn, gbogbo ibi tí ènìyàn lè gbé àga sí lọ́dẹ̀dẹ̀ náà sì ti wà níbẹ̀.

N kò fẹ́ fi ẹnu lásán gbà á. Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, mo mú ṣọ́ọ̀kì funfun, mo dúró tì ògiri. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, mo fa ìlà síbi tí ibòji parí. Mo wọn ún: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún dín íǹṣì kan. Mo kírun tán, mo padà wá. Nígbà tí aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, ìlà ti gòkè kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀. Ní aago mẹ́fà ku ogún, kò sí ibòji lára fèrèsé mọ́ rárá. Ìlà mẹ́ta yẹn ṣì wà lára ògiri títí tí a fi kun ún.

Nǹkan tí àwọn ìlà náà kọ́ mi ni pé fífẹ̀ nìkan kò lè ṣe é. Lẹ́yìn Alásàrí, kíákíá ni oòrùn ń wálẹ̀. Ní wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi jìn kò ní mú ibòji sọ̀kalẹ̀ ju íǹṣì méje lọ. Tó bá tún fi wákàtí kan kún un, íǹṣì mẹ́ta àti díẹ̀ péré ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìjìnlẹ̀ nìkan dènà oòrùn aago mẹ́fà ku ogún yóò fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé àárín títì. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ etí òrùlé kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ibòji sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan pẹ̀lú rẹ̀, ní aago mẹ́rin àti ní aago mẹ́fà. Èrè rẹ̀ kì í dín kù bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìgbàjà fi ṣe é gbé. Mo ṣe ìṣírò rẹ̀: nígbà tí oòrùn bá wálẹ̀ dé ti aago mẹ́fà ku ogún, lára ògiri ibẹ̀ kò lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íǹṣì méje, ìyẹn ìgbáròkó àgbàlagbà. 

Àwa ọmọ ìsinsìnyí gbé òrùlé ga, a sì dín ìjìnlẹ̀ kù. Ọ̀nà méjèèjì la gbà ṣílẹ̀kùn fún oòrùn.

Mo pe káfíńtà àgbà kan ní Òkè-Ọyì. Mo fi ìlà ṣọ́ọ̀kì hàn án, mo sọ ohun tí mo fẹ́. Ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ fẹ́ kí n bo ẹwà ilé yín nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún òun pé kí òun mú etí òrùlé wálẹ̀.

Ohun tí a ṣe kò ṣòro. Ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin síwájú òpó mẹ́rin ti àkọ́kọ́, a gbẹ́ ihò mẹ́rin, a da kọnkéré sí i, a sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ di ìdí òpó igi mú, tí ìdí igi náà kò fi kan ilẹ̀. Igi tó bá wọ ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ikán ló ni ín. A to pákó láti abẹ́ etí òrùlé àtijọ́ sọ̀kalẹ̀ wá sórí òpó tuntun, a fi páànù bò ó. Ó wá di pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, etí rẹ̀ níta sì ga ní méje. Méje ni mo fi mọ, mi ò sọ̀kalẹ̀ dé márùn-ún ààbọ̀ bíi ti bàbá àgbà, torí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi kò ga ju ti ìta lọ bíi ti pèpéle wọn, n kò sì fẹ́ kí àlejò fi orí gbá páànù.

Ẹ jẹ́ ká tún un ṣírò. Ní àsìkò Alásàrí, ibòji sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ láti méje, ìyẹn ni pé gbogbo ògiri wà lábẹ́ ibòji, ó tún ku ẹsẹ̀ bàtà kan nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ní wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn dé ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íǹṣì bíi mẹ́rin, kò tíì dé ẹsẹ̀ fèrèsé. Ní aago mẹ́fà ku ogún, ó dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ó sì gba ìdajì fèrèsé. Wákàtí tó kù yẹn, ẹní fàfá ni mo fi dí i. A so ẹní mẹ́ta mọ́ etí òrùlé, a lè ká wọn sókè ká sì tú wọn sílẹ̀ pẹ̀lú okùn. Tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀, fèrèsé bọ́ pátápátá ní aago mẹ́fà ku ogún yẹn, ẹni tó jókòó sì ṣì ń rí títì lábẹ́ wọn. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú ẹní wọlé, ohun tí gíláàsì tàbí ògiri kò lè gbà.

Ohun mẹ́ta ló bà jẹ́ níbẹ̀ kó tó gún.

Àkọ́kọ́ ni ooru páànù. Ibòji wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kẹta ń gba ooru láti òkè bí ẹni tó dúró ti ààrò. Tó o bá gbọ́wọ́ sókè, o ò tíì fọwọ́ kan páànù tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ á ti mọ̀. Bàbá káfíńtà padà wá, ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe sílíìnì sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi àlàfo tó tó ọwọ́ kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ àti lókè kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà láàárín páànù àti pákó lè máa jáde. Láti ìgbà náà ni ooru orí ti lọ.

Èkejì ni òjò. Ibi tí páànù tuntun ti pàdé ti àtijọ́, òjò àkọ́kọ́ wọlé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tú omi sílẹ̀. Etí sí etí ni wọ́n gbé wọn sí. A ní láti tú u, ká ti orí páànù tuntun wọ abẹ́ ti àtijọ́ ní íǹṣì mẹ́sàn-án, kí omi òkè lè dà sórí ti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òkùnkùn. Pálọ̀ ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí kò sì ṣe é sẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó jìn tó sì wálẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kun ògiri àti sílíìnì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní funfun, ó sì ṣe ìrànlọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí pálọ̀ rẹ̀ kò ní fèrèsé lápá ibòmíràn gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa kó tó ṣe irú èyí. Tèmi ní fèrèsé kan lápá àríwá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ apá ilé ti wọlé. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé ló nílò ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Lápá gúúsù, oòrùn ọ̀sán tó wálẹ̀ jù lọ ni ti oṣù kejìlá, síbẹ̀ ó ṣì ga débi pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tí òrùlé bá yọ síta yóò fi ibòji bo ẹsẹ̀ bàtà tó lé ní mẹ́rin ààbọ̀ lára ògiri ní ọ̀sán gangan. Lápá àríwá, oòrùn oṣù kẹfà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sórí ẹni, ẹsẹ̀ bàtà méjì ti tó fún un lọ́sàn-án. Ìwọ̀ oòrùn ni wàhálà, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ibẹ̀ ń dé, nígbà tí ilé ti gba ooru láti àárọ̀. Oòrùn òwúrọ̀ lápá ìlà oòrùn náà wálẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ilé ṣì tutù nígbà náà. Mo sì tún rí i pé nínú ọyẹ́, láti igun òsì ẹni tó jókòó tó kọjú sí títì ni oòrùn ti ń yọ́ wọlé, torí apá gúúsù ló ń gbà wọ̀ nígbà náà. Mo gbin igi ewé ọ̀ṣọ́ kan sí igun yẹn, ó sì ti ń ga.

Ìlà oòrùn ní tirẹ̀, òjò ni. Ìjì tó ń ṣáájú òjò ńlá oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ìlà oòrùn ló ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi, níbi tí a ti ń dáná, apá ibẹ̀ ló kọjú sí. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ló jìn, etí rẹ̀ sì ga ní mẹ́jọ. Tí ìjì bá ti òjò tó fi dàgbẹ̀rẹ́ bí oòrùn Alásàrí ṣe máa ń dàgbẹ̀rẹ́, ó ń dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì gan-an, ó sì ń pa iná ààrò. Ìṣírò kan náà ni. A kò tíì ṣe ti ibẹ̀.

Ìjìnlẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí ibòji, ìyẹn ni àyè ènìyàn. Kí n tó fi kún tèmi, bí ìyá mi bá jókòó tó na ẹsẹ̀, ẹni tó ń kọjá ní láti sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, Ìyá" kó sì fo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àga àti ẹsẹ̀ tí a nà gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ẹni tó ń kọjá gba méjì. Mẹ́fà ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn lè lò, mẹ́jọ sì ni ti ibi tí ẹni méjì lè kọjú síra wọn tàbí tí a lè tẹ́ ẹní sí kí ọmọ sùn. Ọ̀pọ̀ bákónì orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo ń rí káàkiri Tánkẹ́ àti G.R.A., ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni. Aṣọ tí wọ́n sá àti jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń rí lórí wọn, ènìyàn kì í jókòó síbẹ̀. Èyí tí kò ní òrùlé burú jù, torí kọnkéré rẹ̀ àti ilẹ̀ yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan náà ni. Oòrùn tó bá gba níta ń gba inú kọnkéré wọlé, ó sì ń jẹ́ kí yàrá gbóná títí wọ òru.

Ọ̀rẹ́ mi kan rí tèmi, ó ní òun náà á ṣe é. Ó ṣe é, ó jìn dáadáa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó fi búlọ́ọ̀kù dí iwájú rẹ̀, ó fi gíláàsì tó ń yí sí i, ó ní òun ti rí pálọ̀ kejì. Mo lọ kí i ní oṣù kejì. Gíláàsì ìwọ̀ oòrùn ti gba oòrùn wọlé, kò jẹ́ kí ooru jáde, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ké lórí ògiri. A dìde, a lọ jókòó sẹ́nu géètì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní ògiri níwájú ni afẹ́fẹ́ ń gbé ooru rẹ̀ lọ. Tí o bá dí i, o ti sọ ọ́ di yàrá, yàrá náà yóò sì tún nílò ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀.

Ìyá mi kò sọ nǹkankan nígbà tí iṣẹ́ wa parí. Ọjọ́ kẹta ni mo ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo bá àga rẹ̀ níbi tó ti kọ́kọ́ gbé e sí. Òun kò sí lórí rẹ̀. Ìyá aládùúgbò wa tó ni igi máńgòrò ló jókòó sórí àga náà, ìyá mi tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń já ewédú. Ẹní fàfá àárín ti wálẹ̀. Oòrùn wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti dé etí ẹní ìyá mi, ibẹ̀ ló sì dúró sí.